Àyè Fún Iṣẹ́ Ẹgbẹ́: Ẹ Má Fi Ẹnu Lásán Gbà Á

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ti ń fà láàárín ara wa, a sì rí i pé ó yẹ ká gbé e síta kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ. Ọmọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan níbí gba ìwé ìkìlọ̀. A ò ní dárúkọ òun, a ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Òun ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò wá síbi iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò sì gba àyè. Òun ní òun gba àyè. Wọ́n ní lọ́wọ́ ta ni? Ó ní lọ́wọ́ fóòmáànù. Wọ́n pe fóòmáànù, fóòmáànù ní òun ò rántí. Wọ́n yọ owó alẹ́ ọjọ́ kan kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ sì wọ fáìlì. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ kí ọdún kan tó pé, wọ́n lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí wa, àwọn kan nínú wa sọ pé ó yẹ kó fi ipò akọ̀wé yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àlejò ni wá níbí, kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ ṣe é. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n a ò gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles sílẹ̀ ní 1957 ni oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń jọ ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìlú yìí. Adams Oshiomhole, tó di ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbogbo Nàìjíríà ní 1999, kì í ṣe ọmọ Kàdúná. Ọmọ Edo ni. Ilé iṣẹ́ Arewa Textiles ní Kàdúná níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dìbò yàn án ní akọ̀wé ẹgbẹ́, kó tó di òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ gan-an ní 1975. Torí náà, pé ọmọ wa jẹ́ akọ̀wé kì í ṣe àṣìṣe. Ibi tí a rò pé àṣìṣe wà ni ọ̀nà tó gbà béèrè àyè. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya oríṣi aṣojú méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni ẹni tí ẹgbẹ́ gbà síṣẹ́, tí ẹgbẹ́ ń san owó oṣù fún, bí Oshiomhole ṣe rí lẹ́yìn 1975. Ìyẹn kò nílò àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Èkejì ni ẹni tó ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn dìbò yàn án ní alága, akọ̀wé tàbí akápò. Ọ̀gá méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sìn. Bí ẹgbẹ́ bá pè é, ilé iṣẹ́ náà ń retí rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni kejì yìí ni ọmọ wa wà, òun sì ni ọ̀rọ̀ àyè kàn.

Kí ni òfin sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òfin Nàìjíríà ti fún aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò nídìí iṣẹ́ bí ẹgbẹ́ bá ti pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú Òfin Iṣẹ́, abala 9, ẹsẹ̀ 6, ni pé àdéhùn iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fa kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ tàbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ṣe lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé láàárín àkókò iṣẹ́ ló ṣe é, òfin dáàbò bò ó bí agbanisíṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Ẹ tún gbólóhùn kejì yẹn kà. Bí agbanisíṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so kọ́.

Ibo wá ni ìfọwọ́sí yẹn ti ń wá? Ó lè wá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá sọ pé ó dáa, máa lọ. Ṣùgbọ́n ó tún lè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ fọwọ́ sí. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ á ti sọ ọ́ ṣáájú pé bí àwọn aṣojú bá béèrè báyìí báyìí, a ó yọ̀ǹda wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí aṣojú tó ń béèrè àyè tọ́ka sí abala ìwé àdéhùn náà ní pàtó. Kò ní í jẹ́ pé ó ń tọrọ ojú rere mọ́. Ó kàn ń rán ọ̀gá létí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà.

Àmọ́ ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé ìwé àdéhùn kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti owó: owó oṣù, owó ilé, owó ọkọ̀, owó ìsinmi. Òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀, torí òun ni wọ́n máa ń jó sí nígbà tó bá jáde. Òmíràn wà tó jẹ́ ti ìlànà: bí ilé iṣẹ́ ṣe gba ẹgbẹ́ wọlé, bí a ṣe ń gbé ẹ̀dùn ọkàn lọ síwájú, ta ni ń bá ta ni sọ̀rọ̀. Nínú ti ìlànà yìí ni ọ̀rọ̀ àyè fún àwọn aṣojú sábà máa ń wà. Ọmọ wa wá a nínú ti owó, kò rí i, ó bá gbà pé kò sí. Ó wà. Nígbà tí a jọ jókòó tí a ṣí ìwé kejì, abala 14 ló wà.

Abala 14 yẹn kò gùn rárá. Ó ní ilé iṣẹ́ yóò yọ̀ǹda àwọn aṣojú ẹ̀ka ẹgbẹ́ láti lọ sí ìpàdé tí ẹgbẹ́ bá pè wọ́n sí, láìyọ owó wọn. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé béèrè lọ́wọ́ mánéjà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó parí rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ kò ní í kọ̀ láìnídìí.

Ẹ wá fi ohun tí ọmọ wa ṣe wé e. Ẹnu ló fi béèrè, kò kọ ìwé. Fóòmáànù ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe mánéjà tí ìwé dárúkọ. Ọjọ́ Ajé ló béèrè fún alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé ìpè wà lápò rẹ̀, kò fi han ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú fèrèsé ló gbà wọlé. Nígbà tí kúẹ́rì dé, kò ní ohun kan tó lè nà sí wọn bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti fóòmáànù yìí fọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

A ò sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ nìkan ni o. Ìwé ìpè náà kò dé ọwọ́ rẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ìpàdé. Kò sí bó ṣe lè fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀bi tiwọn níbẹ̀, a sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ wa: bí ẹ bá mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé àdéhùn sọ, ẹ má fi ọjọ́ méjì pe èèyàn. Ẹ̀yin lẹ jókòó tí ẹ fọwọ́ sí ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Ohun kejì tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti iṣẹ́ òru, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọmọ wa ń wọlé, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ló ń jáde. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ìpàdé. Mánéjà bi í pé: àkókò ìpàdé yẹn, ṣé o wà lẹ́nu iṣẹ́ ni? Kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló wá dé tó o fi ń béèrè àyè fún alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn dún bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ òru rí, ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ láàárín òru, tó kúrò níbẹ̀ láìsùn wá síbi ìpàdé, òórùn ló máa sùn níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ta ló fẹ́ kí ẹni tó ń tòògbé bá a sọ̀rọ̀? Lálẹ́ Ọjọ́rú kan náà, aago mẹ́wàá, ẹ̀rọ tún ń dúró dè é, ẹ̀rọ kò sì mọ ẹni tí kò sùn.

Kì í ṣe àwa nìkan la rí i bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Òyìnbó, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, òfin 1992 lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, abala 168, fún aṣojú ẹgbẹ́ tí agbanisíṣẹ́ gbà wọlé ní ẹ̀tọ́ láti gba àyè tó bójú mu láàárín àkókò iṣẹ́. Ìlànà tí àjọ Acas gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé pé kò di dandan láti sanwó bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ bá bọ́ sí àkókò tí ẹni náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yọ irú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru sílẹ̀, tó jẹ́ pé ojúmọmọ ló ní láti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn náà ti rí ihò yẹn, wọ́n sì ti dí i.

Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ òfin ìlú Òyìnbó sínú lẹ́tà tó fẹ́ fún ọ̀gá ní Kàdúná. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá lẹ́tà lórí fóònù, wọ́n á dà á kọ bó ṣe wà, abala 168 á wà nínú rẹ̀, mánéjà á ka á, á rẹ́rìn-ín, á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òfin ibẹ̀ kò dé ibí. Ohun tó dé ibí ni ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ yín fọwọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí láti òkè òkun tí ọ̀gá lè bọ̀wọ̀ fún, ìmọ̀ràn nọ́ńbà 143 ti àjọ ILO, ti ọdún 1971, wà níbẹ̀. Ó ní kí aṣojú òṣìṣẹ́ rí àyè gbà láìpàdánù owó. Ó gbà pé a lè ní kó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe dùn ún ní ìyọ̀ǹda náà láìnídìí. Ó sì gbà pé a lè fi ààlà tó bójú mu sí iye àyè yẹn. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Fi tì í lẹ́yìn, má fi ṣe ìpìlẹ̀.

Báwo wá ni lẹ́tà yẹn ṣe yẹ kó rí? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa kọ ọ́, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí lédè wa:

"Sí mánéjà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, nípasẹ̀ fóòmáànù ẹ̀ka wa. Mo ń béèrè àyè fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí abala 14 ìwé àdéhùn ìlànà tó wà láàárín ilé iṣẹ́ yìí àti ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ pè mí sí ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ìwé ìpè wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Nítorí pé iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mo ń béèrè kí ẹ yọ̀ǹda mi láti aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀ Ọjọ́rú, láìyọ owó mi. Bí èyí kò bá rọrùn, mo gbà kí ẹ gbé mi lọ sí iṣẹ́ òwúrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ti gbà láti dúró ti ẹ̀rọ mi, ó sì ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì lórí ìwé kí iṣẹ́ tó parí ní ọjọ́ Ajé."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó dárúkọ abala. Ó sọ ọjọ́ àti wákàtí. Ó dáhùn ìbéèrè iṣẹ́ òru kí mánéjà tó béèrè, ó sì fún un ní ọ̀nà méjì láti yàn. Kò fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó máa mójú tó o. Bó bá fún wọn ní ìwé yẹn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun á jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, torí ọ́fíìsì kì í ṣí ní Àbámẹ́ta àti Àìkú. Kó ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ̀dà yẹn ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé.

Bí ìwé ìpè bá pẹ́ dé ńkọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa? Kó kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ gan-an, kó sọ nínú rẹ̀ pé òní ló dé, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fojú fo ọjọ́ mẹ́ta. Kó ní kí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ tààrà. Bí wọ́n bá sì sọ pé rárá, kó má lọ. Ẹ gbọ́ o, kó má lọ. Kí ẹgbẹ́ rán ẹlòmíràn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ fún un ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ abala 9 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Kó gba èsì wọn lórí ìwé, kó wá gbé e gba ọ̀nà ẹ̀dùn ọkàn tó wà nínú ìwé àdéhùn kan náà, láti ẹ̀ka dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àpapọ̀, kó tó di ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Ṣé ilé ẹjọ́ lè gbà á fún un bó bá débẹ̀? Ibí yìí gba sùúrù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ilé ẹjọ́ wa máa ń sọ pé àárín ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni ìwé àdéhùn wà, pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ Union Bank àti Edet ní 1993 wà lára àwọn tó fi ìdí èyí múlẹ̀. Àtúnṣe kẹta sí òfin ilẹ̀ wa ló yí i padà díẹ̀, nígbà tó fi abala 254C fún Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè ní agbára láti túmọ̀ ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ àti láti lò ó. Síbẹ̀, ẹ lọ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín. Bí gbólóhùn kan bá wà níbẹ̀ pé ohun tí ẹgbẹ́ bá bá ilé iṣẹ́ ṣàdéhùn lé lórí wà lára ìlànà iṣẹ́ yín, ẹ ní ẹsẹ̀ méjì láti dúró lé. Bí kò bá sí, kí ẹgbẹ́ béèrè kó wà níbẹ̀. Òfin sì ní kí wọ́n fi ẹ̀dà àdéhùn ránṣẹ́ sí mínísítà láàárín ọjọ́ 14 tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Ẹ bi ẹgbẹ́ yín bóyá wọ́n ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó jẹ́ ọ̀gá, tó jẹ́ mánéjà, tó jẹ́ fóòmáànù, a ń bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ẹ̀rọ kan tó dúró lóru, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi léèrè láàárọ̀. A tún mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi orúkọ ìpàdé ẹgbẹ́ bójú, kí wọ́n lọ síbi ayẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìpè fi wà. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ má sọ pé ẹ máa rò ó títí ọjọ́ á fi kọjá. Bí ẹ bá sì fi ẹnu yọ̀ǹda èèyàn, ẹ má ṣe gbàgbé nígbà tí wọ́n bá pè yín. Èèyàn kan ló ń ru ẹrù yẹn lọ sílé.

Ní ti ọmọ wa, a ti sọ fún un pé kó dáhùn ìwé ìkìlọ̀ yẹn lórí ìwé, kó fi ìwé ìpè àti ẹ̀rí pé òun wà ní ìpàdé kún un, kó gbà pé òun kò tẹ̀lé ìlànà abala 14, kó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì. A ò ṣèlérí fún un pé wọ́n á yọ ọ́. Owó alẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ipò akọ̀wé, a ní kó má fi sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tún jókòó sórí ìwé àdéhùn, òun gan-an ni kó dìde, kó ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún abala 14: pé aṣojú tó ń ṣe iṣẹ́ òru, bí ìpàdé bá bọ́ sí òwúrọ̀, alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ẹni tó jẹ nínú ìyà yẹn ló lè ṣàlàyé rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, ẹ lọ wá ìwé ìlànà yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wo abala tí ọ̀rọ̀ àyè wà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti lè rí i. Ẹni tí kò bá rí i nínú tiwọn, kó sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí, ká jọ wá a.

Ire o.